"Má Ronú Nípa Omi Mọ́": Kí Ni Ìpolówó Ìrọ̀rùn Ń Tà fún Wa Gan-an?

Tí ẹ bá ń gbé ní Èkó, tí fóònù kì í sì í jìnnà sí yín, irú ìpolówó tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí ti kọjá lójú yín rí. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan pàtó o. Àwa fúnra wa la ṣa gbólóhùn rẹ̀ jọ látinú ohun tí àwọn tó ń gbé omi dísípẹ́ńsà wá sílé sábà máa ń sọ, ká lè rí nǹkan gbé síwájú ara wa. Ó lọ báyìí:

"Má ronú nípa omi mọ́. A ó máa gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. O lè dá a dúró nígbàkígbà."

Gbólóhùn mẹ́ta péré. Ó dùn ún gbọ́, kò gùn, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó le nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Olùkiri tó ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò, ẹ̀kọ rẹ̀ ló máa ń yìn: ó gbóná, ó dán, ó jinná. Aláàkàrà á ní tòun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo ni. Ìpolówó tiwa yìí kò sọ nǹkan kan nípa omi náà. Kò sọ ibi tí wọ́n ti fà á, kò sọ bí wọ́n ṣe sẹ́ ẹ, kò tilẹ̀ sọ pé ó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ohun tó ń tà ni pé ẹ kò ní ṣe wàhálà. Ìrọ̀rùn ni ọjà náà. Omi kàn bá a wá ni.

Iṣẹ́ kóòdù kíkọ làwa fi ń jẹun, nítorí náà bí a bá ti ka irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọkàn wa á ti lọ sí kóòdù tó ní láti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a sì ti rí ni pé ìrọ̀rùn kì í pa iṣẹ́ rẹ́. Ńṣe ló máa ń gbé iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ mìíràn, tàbí kúrò ní ọjọ́ kan bọ́ sí ọjọ́ mìíràn. Ìpolówó tó dára máa ń sọ ibi tó gbé e lọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí wọn gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbólóhùn kìíní: "Má ronú nípa omi mọ́."

Ká má purọ́, ìrọ̀rùn kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìgò ńlá tí wọ́n ń dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí dísípẹ́ńsà máa ń gba omi lítà 18.9. Nọ́ńbà yẹn dà bí ohun tí kò rí bó ṣe yẹ kó rí, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù 5 ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Lítà omi kan, kílò kan ni, nítorí náà ìgò kan tó kún á sún mọ́ kílò 19, láì tíì ka ìgò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé lájà kẹta, tí kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè, mọ ohun tí à ń wí. Bí ẹnì kan bá gba ẹrù yẹn lórí yín, ó ṣe yín lóore.

Àmọ́ gbólóhùn náà kò sọ pé "má gbé omi mọ́." "Má ronú" ló wí. Ọ̀tọ̀ ni ká gbé ẹrù kúrò lórí ẹni, ọ̀tọ̀ ni ká gba ìrònú lọ́wọ́ ẹni. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí a kàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ, tọkọtaya kan ní Yábàá. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń lo lítà mẹ́ta lójúmọ́, èyí tí wọ́n ń mu àti èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Lítà mẹ́fà lójúmọ́ nìyẹn, lítà 42 lọ́sẹ̀. Tí a bá fi ìgò pín in, ìgò méjì àti díẹ̀ ni.

Wàhálà wà nínú "díẹ̀" yẹn. Bí wọ́n bá mú ètò ìgò méjì lọ́sẹ̀, lítà 37.8 ni wọ́n á máa rí gbà, omi á sì máa dín ní lítà 4.2 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá mú ètò ìgò mẹ́ta, lítà 56.7 ni, á máa ṣẹ́kù ní lítà 14.7. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin, èyí tó ṣẹ́kù ti di lítà 58.8. Ìgò mẹ́ta kíkún ló ti wà nílẹ̀ yẹn, ó tún lé díẹ̀. Ní kúkúrú, nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan wà tí wọ́n ń sanwó omi tí wọn kò nílò rárá.

Ẹ ò rí i pé méjì kò tó, mẹ́ta sì pọ̀ jù. Kò sí nọ́ńbà odidi tó bá ilé yẹn mu, bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tó ń tajà á ní kí wọ́n mú mẹ́ta, "kí omi má baà tán lójijì." Ohun tó wá máa gba ilé yẹn ni kí ẹnì kan rántí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti sọ pé: "ẹ má wá lọ́sẹ̀ yìí." Ìrònú kò kúrò nílẹ̀. Ó kàn kúrò lórí "ṣé omi ti tán?" bọ́ sórí "ṣé omi ti pọ̀ jù?" Ìbéèrè kejì yìí sì ṣòro ju ti kìíní lọ, nítorí pé omi tó tán á fi ara rẹ̀ hàn, òùngbẹ á sọ ọ́. Omi tó pọ̀ jù kì í pariwo. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló máa ń jókòó sí.

Gbólóhùn kejì: "A ó máa gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Ẹ kọ́kọ́ wo "ẹnu ọ̀nà." Ẹnu ọ̀nà wo? Ti géètì ni, àbí ti ilé ìdáná? Láàárín méjèèjì lè jẹ́ àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta àti ìgò oníkílò 19. Ìpolówó tó ń fi ìrọ̀rùn tajà, tí kò sì sọ ilẹ̀kùn tí ìrọ̀rùn náà ti parí, ti fi apá tó wúwo jù sílẹ̀ fún oníbàárà láì sọ fún un. Ẹnì kan sì tún ní láti wà nílé láti ṣílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ní àwọn á dé láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ kan ni wọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ yẹn.

Ẹ wá wo "lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Ọ̀sẹ̀ ta ni? Òùngbẹ kì í ka ọ̀sẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló nílò ọ̀sẹ̀, ìdí tó yè kooro sì wà fún un. Bí wọ́n bá mọ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ pé ilé 40 ló fẹ́ omi ní Yábàá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á mọ iye ìgò tí wọ́n máa rọ, wọ́n á mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà, epo kò ní ṣòfò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Owó tí wọ́n rí pa mọ́ níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n lè gbé omi dé ilé yín ní iye tí ẹ lè san. A kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tí a ń bá wọn wí ni pé wọ́n ń pe ìrọ̀rùn ọkọ̀ ní ìrọ̀rùn oníbàárà.

Kóòdù ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Bí a bá gé gbogbo àfikún rẹ̀ kúrò, ohun tí irú ètò yìí ń ṣe ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kò ju báyìí lọ:

```
if not skipped:
    charge(card)
    add_to_route(house)
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: bí oníbàárà kò bá ti sọ pé kí a fo ọ̀sẹ̀ yìí, gba owó lórí káàdì rẹ̀, kí o sì fi ilé rẹ̀ kún ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nínú kóòdù yìí, ẹni tó bá dákẹ́, owó rẹ̀ kò ní bá a dákẹ́. "Má ronú" tó wà nínú gbólóhùn kìíní ti di "dákẹ́" níbí, "dákẹ́" sì ti di "bẹ́ẹ̀ ni."

Kì í ṣe ti omi nìkan. HelloFresh, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Berlin lọ́dún 2011, tó ń kó èròjà oúnjẹ sínú àpótí ránṣẹ́ sílé àwọn ènìyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, irú ìlànà yìí náà ló ń tẹ̀ lé: tí oníbàárà kò bá fo ọ̀sẹ̀ náà kí gbèdéke tó kọjá, àpótí á dé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyàtọ̀ sí i. Omi inú ìgò tí a kò tíì ṣí lè dúró dè wá. Ẹran àti ẹ̀fọ́ inú àpótí kò ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ nínú fíríìjì, tí iná bá sì lọ, kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ibi tí dídákẹ́ bá ti lè jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" fún omi, "rárá" ló yẹ kó jẹ́ fún oúnjẹ. Ẹni tó bá lo ìlànà kan náà fún méjèèjì kò ro ti oníbàárà. Ti àpò ara rẹ̀ ló rò.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrọ̀rùn tó ń wá bá èèyàn nílé kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Alájọ tó ń yí ọjà ká lójoojúmọ́, ìrọ̀rùn náà ló ń tà. Ìyá oníata kò ní kúrò lórí àtẹ kó tó fi owó pamọ́. Alájọ ló máa wá bá a, á gba owó, á fàmì sínú káàdì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa dúró níwájú rẹ̀ kó tó gbà á. Bí ọjà kò bá tà lónìí, ìyá á ní "ó dọ̀la," alájọ á sì kọjá lọ. Kì í ti ọwọ́ bọ àpò ẹni tó sùn. Owó iṣẹ́ rẹ̀ náà kò sì fara sin: àjọ ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀, tọmọdé tàgbà ló mọ̀. Ìrọ̀rùn tó ní ojú nìyẹn.

Ṣé ètò omi lè ní irú ojú bẹ́ẹ̀? Ó lè ní in, ohun tó máa fi ríran sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀: ìgò òfìfo. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé omi yìí, pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á gbé èyí tó kún sílẹ̀, wọ́n á gbé òfìfo lọ. Ìgò òfìfo kì í purọ́. Bí méjì bá wà níta, méjì ni ilé yẹn lò. Kóòdù á wá rí báyìí:

```
n = min(plan, empties)
if not skipped and n > 0:
    charge(card, n)
```

Ìyẹn ni pé, mú èyí tó kéré nínú iye tí ètò sọ àti iye ìgò òfìfo, òun sì ni kí o gba owó rẹ̀. Awakọ̀ ló máa ka ìgò lẹ́nu ọ̀nà, á tẹ nọ́ńbà náà sínú fóònù rẹ̀, ìgbà yẹn ni owó máa tó kúrò lórí káàdì.

Ẹ jẹ́ ká dá a padà sọ́dọ̀ tọkọtaya wa ní Yábàá. Ìgò mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, ìgò òfìfo méjì-méjì ló máa wà níta, méjì-méjì sì ni wọ́n máa gbà. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, omi á dín ní lítà 2.1, píọ̀wọ́tà márùn-ún á dí àlàfo yẹn. Lẹ́yìn náà, òfìfo á di mẹ́ta, wọ́n á gba mẹ́ta, àyípo á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìgò tó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó ní láti rántí nǹkan kan. Èyí ni "má ronú" tó jẹ́ òótọ́.

Kò wá lọ́fẹ̀ẹ́ ṣá o. Ọkọ̀ lè gbé ìgò mẹ́ta jáde kó sì gbé ọ̀kan padà, epo ti jó. Káàdì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí awakọ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ ló máa ru ìnira yẹn. Ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba owó kí ọkọ̀ tó gbéra nìyẹn. Iṣẹ́ náà ò sọnù. Ibi tí wọ́n máa gbé e sí ni wọ́n ṣà.

Gbólóhùn kẹta: "O lè dá a dúró nígbàkígbà."

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ló mọ́ jù lójú, òun náà ló sì lọ́jú pọ̀ jù. Ní èdè Yorùbá, "dá dúró" ní ìtumọ̀ méjì. Èèyàn lè dá ọkọ̀ dúró kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ọkọ̀ sì máa lọ. Wọ́n sì lè dá òṣìṣẹ́ dúró, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ pátápátá. Nínú irú ètò yìí, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà: ká fo ọ̀sẹ̀ kan, ká sinmi fún ìgbà díẹ̀, àti ká fòpin sí i. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ "Skip" sí máa ń wà lójúta gbangba. Èyí tí wọ́n kọ "Cancel" sí, ẹ máa ní láti wá a lọ sínú yàrá kẹta. Ìpolówó tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ "dá a dúró" kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo ilẹ̀kùn tó le jù láti ṣí.

"Nígbàkígbà" náà ńkọ́? Bí kóòdù bá ń gba owó ní aago 12 òru Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ti pẹ́. Ó lè dá a dúró nígbàkígbà, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ owó ọ̀sẹ̀ yìí ti lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó ìgò tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà wà níbẹ̀: ta ló máa dá a padà, lọ́jọ́ wo?

Ẹ má rò pé à ń ṣe àsọdùn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, pe Amazon lẹ́jọ́ lórí ètò Prime. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà mú un ṣòro fún àwọn ènìyàn láti jáde, àti pé nínú ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, Iliad ni wọ́n ń pe ọ̀nà àbájáde yẹn. Iliad, ẹ̀yin òǹkàwé wa! Ewì gígùn tí Homer fi sọ̀rọ̀ ogun Troy, ogun tó gba ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Amazon gbà láti san bílíọ̀nù 2.5 owó dọ́là láti parí ẹjọ́ náà, láì gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹni tó fún ọ̀nà náà lórúkọ yẹn mọ ewì, ó sì mọ ohun tó ń kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa náà, òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí ìpolówó tó bá ń ṣi oníbàárà lọ́nà.

Wọ́n lè dá wa lóhùn pé bí àwọn bá kọ gbogbo èyí sínú ìpolówó, kò sẹ́ni tó máa kà á. A gbìyànjú rẹ̀ wò:

"Omi mímu, ìgò lítà 18.9. Iye ìgò òfìfo tí o bá gbé síta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, iye tó kún la ó fi rọ́pò rẹ̀, òun náà la ó sì gba owó rẹ̀. A ó gbé e dé orí dísípẹ́ńsà rẹ, àjà yòówù kí o wà. Tí o kò bá fẹ́ ká wá, sọ fún wa kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. Tí o bá fẹ́ fòpin sí i, ojú ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ ni wàá ti parí rẹ̀, a ó sì dá owó ìgò rẹ padà."

Gbólóhùn márùn-ún. Ó fi méjì lé ti tẹ́lẹ̀. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má ronú, síbẹ̀ ohun tó ń fúnni láti rò kò tó ìṣẹ́jú kan lọ́sẹ̀. Ó sọ ibi tí gbogbo iṣẹ́ lọ: gbígbé ìgò gun àtẹ̀gùn bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀, kíka ìgò bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀ náà, rírántí Ọjọ́bọ̀ ló kù sọ́wọ́ oníbàárà. A lè bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Kí èyí tí ẹ bá rí lórí fóònù yín tó gba nọ́ńbà káàdì yín, ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi í: "Tí mo bá dákẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Tí ẹ kò bá rí ìdáhùn náà lójú ibẹ̀ kan náà tí wọ́n ti ń béèrè owó, ẹ jẹ́ kí káàdì wà lápò ná.